Nígbà tí "!!" jẹ́ aago mọ́kànlá

"Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ, ó sì tún máa ń fi àmì ìyanu kún un. Ó ti ń bí àwọn kan nínú. Ṣé ó ń pariwo mọ́ wa ni, àbí kíbọọ̀dù rẹ̀ ló ní àìsàn?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá a bínú. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà àti kọ́mà inú ohun tó kọ, torí ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ̀. Shift ọwọ́ òsì kọ̀ǹpútà mi há fún ìgbà pípẹ́ kí n tó rí kíbọọ̀dù mìíràn fi sí i. Lásìkò yẹn, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìbínú dá mi lóhùn. Ohun tó rí nìyí:

```
E JOWO< IPADE DI AGO !!> E MA SE PE>
```

Ó ní mò ń jágbe mọ́ òun, àti pé àmì ìyanu méjèèjì yẹn ló dun òun jù. Bẹ́ẹ̀ kò sí àmì ìyanu kankan níbẹ̀. Aago 11 ni mo kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ bọ́tìnnì 1, Shift tó há sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di "!". Àmì "<" yẹn, kọ́mà ni; ">" sì ni àmì ìdánudúró. Inú máa ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí pé "Ẹ jọ̀wọ́" ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Lórí kíbọọ̀dù tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà, bí Shift ṣe ń yí nọ́ńbà padà rèé. Ìlà òkè ni ohun tí èèyàn tẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ohun tó jáde:

```
1 2 3 4 5 6 7 8 9 0
! @ # $ % ^ & * ( )
```

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ díẹ̀, 2 máa ń di ", 3 sì máa ń di £. Nítorí náà, tí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá kọ "AGO !):#)", aago 10:30 ló ń sọ. Àmì ":" tó wà láàárín kò yí padà, torí Shift la fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Caps Lock kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà nìkan ló ń fọwọ́ kàn. Nọ́ńbà á jẹ́ nọ́ńbà, kọ́mà á sì jẹ́ kọ́mà. Ká ní òun ló wà lára kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ náà ni, "AGO 11." ni ìbá jáde. Ohun mìíràn tún wà tí ẹ lè fi dá a mọ̀: lórí Windows, tí Caps Lock bá wà ní títàn, tí èèyàn sì tẹ Shift láti fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, lẹ́tà yẹn á di kékeré. Ẹ ó wá rí nǹkan bíi "e JOWO, IPADE DI AGO 11." Ẹni tó ń kọ irú èyí ò tiẹ̀ mọ̀ pé bọ́tìnnì náà wà ní títàn. Kíbọọ̀dù lojú rẹ̀ wà, kò tíì gbójú sókè wo ohun tó ń jáde. Ẹni tó fẹ́ pariwo kò ní wá Shift lọ láti fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Ohun tí mo fi ń mọ ariwo gidi nìyí: ariwo máa ń ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Tí èèyàn bá kọ "mo ti sọ fún ọ, MO TI SỌ FÚN Ọ", ó mọ̀ọ́mọ̀ yí ohùn padà láàárín ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ tí ìkíni, ọ̀rọ̀ inú, ìdúpẹ́ àti orúkọ tó fi parí bá jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, kò sí ibi kankan tó ti gbé ohùn sókè. Kíbọọ̀dù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni náà.

Àwọn tí ojú wọn kò ríran tún wà. Ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún wọn máa ń ka gbólóhùn onílẹ́tà ńlá bó ṣe ń ka ti onílẹ́tà kékeré. Bẹ́ẹ̀, nínú ètò bíi NVDA, a lè fi Caps Lock ṣe bọ́tìnnì àṣẹ, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra ló ń tàn án tàbí pa á. Ọwọ́ lè tàn án láìmọ̀, ẹni tí kò bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa lè má mọ̀. NVDA lè máa dún tí èèyàn bá tẹ Shift mọ́ lẹ́tà nígbà tí Caps Lock wà ní títàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tẹ Shift kò ní gbọ́ ọ.

Tó bá jẹ́ Shift ló há, ẹ ṣàánú ẹni náà, torí lẹ́tà ńlá ló kéré jù nínú ìyà tó ń jẹ. Tí mo bá tẹ ọfà láti padà sẹ́yìn, ṣe ló ń kun ọ̀rọ̀ mi bí ẹni fẹ́ dà á kọ, lẹ́tà tí mo bá sì tẹ̀ lé e á pa gbogbo ohun tó kùn rẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà ò wọlé. Mo ra kíbọọ̀dù olókùn kan so mọ́ ọn, kò yí nǹkan kan padà, torí lójú Windows, Shift tinú kọ̀ǹpútà ṣì wà ní títẹ̀, ó sì ń ti ara rẹ̀ bọ ti ìta. Àfi ìgbà tí alátùn-únṣe yọ okùn kíbọọ̀dù inú kúrò.

Kó tó dìgbà náà, ohun tí mo ṣe ni pé mo tan Caps Lock. Pẹ̀lú Shift tó há, àwọn méjèèjì máa ń pa ara wọn rẹ́, lẹ́tà á sì padà di kékeré. Nọ́ńbà kò bá wọn padà, nítorí náà mo ń kọ "aago mọ́kànlá" ní ọ̀rọ̀.

Nígbà mìíràn, bọ́tìnnì náà kò tiẹ̀ bàjẹ́. Lórí Windows, téèyàn bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ohun tí wọ́n ń pè ní Sticky Keys á yọjú. Tó bá gbà á láìkà á, títẹ Shift lẹ́ẹ̀mejì á tì í mọ́lẹ̀ títí tó fi máa tún un tẹ̀. Tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á kú.

Torí náà, ẹ kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ sì sọ fún un pé kó tẹ bọ́tìnnì 1 tó wà lókè lẹ́tà, kó sọ ohun tó jáde. Tó bá jẹ́ 1, kó pa Caps Lock. Tó bá jẹ́ "!", kó tẹ Shift méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kó sì fi wọ́n sílẹ̀, bóyá èyí tó há á gbéra. Tí kò bá gbéra, tí kò sì jẹ́ Sticky Keys, ẹ sọ ọ̀nà Caps Lock yẹn fún un kó fi máa ṣiṣẹ́ lọ títí tí kíbọọ̀dù tuntun á fi dé.