Ọ̀rọ̀ tuntun nínú orin àtijọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi orin ìbílẹ̀ kan kìlọ̀ nípa jìbìtì orí fóònù. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ègbè rẹ̀ kò fi ní bàjẹ́?"

Ẹ fi ègbè sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì yí lílé nìkan padà, nítorí ègbè ni àwùjọ ti mọ̀. Ká ní lílé náà ni "Ẹkùn ń bọ̀ lóko", tí ègbè sì jẹ́ "Ẹ má ṣílẹ̀kùn". Ẹ lè fi "Olè ń pè wá o" rọ́pò lílé: sílébù mẹ́fà ni méjèèjì, ohùn wọn sì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi jẹ́ pé orin kò ní láti yí padà rárá. Ìlẹ̀kùn inú ègbè á wá di nọ́ńbà àṣírí, láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé rẹ̀.

Ohùn ló ń bà á jẹ́ jù: bí orin bá gòkè níbi tí ẹ kọ "ọkọ̀" sí, "ọkọ́" ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Bí lílé bá sì gùn jù, yóò wọ inú àyè ègbè. Ẹ fi orin tuntun náà dánra wò: ẹ kọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó jẹ́ pé orin àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Bí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó gbè é, ẹ gé lílé náà kúrú.