Gbèdéke owó tí púlọ́ńbà ò gbọ́ nípa rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ilé kan tí mo fi ń gba rẹ́ǹtì, àmọ́ ibi tí mò ń gbé jìnnà sí i. Mo fẹ́ kọ ímeèlì sí ayálégbé mi pé tí páìpù bá bẹ́ lóru, kó pe púlọ́ńbà, àmọ́ kó má ná ju iye báyìí lọ, kó sì gba rìsíìtì. Ṣé tí mo bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó bá lé lórí iye yẹn ò kàn mí mọ́?

Ìdáhùn: Ó kàn yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ká tó bọ́ sórí bí ímeèlì náà ṣe máa rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn onílé bójú tó ilé wọn, ohun kan náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: onílé á sọ gbèdéke fún ayálégbé, á wá gbà pé òun ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Àárín ẹ̀yin àti ayálégbé yín ni ọ̀rọ̀ inú ímeèlì yẹn wà. Púlọ́ńbà ò sí níbẹ̀. Ohun tí òun rí ni pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní onílé ló ní kóun pè é, omi sì ti kún ilẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ tó tọ́, tó sì gba owó tó bọ́gbọ́n mu, òfin ọ̀pọ̀ ibi lè gbà pé ẹ̀yin lẹ rán ayálégbé níṣẹ́, àti pé ààlà tẹ́ ẹ fi há a lọ́wọ́ ò lè de ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ lè bínú sí ayálégbé yín pé ó kọjá àṣẹ, àmọ́ ẹjọ́ míì nìyẹn. Gbèsè púlọ́ńbà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó kọjá lójú mi. Màá pe gbèdéke rẹ̀ ní 100, owó ilẹ̀ yòówù kẹ́ ẹ fi kà á. Onílé kan kọ ìlà kan péré ránṣẹ́ sí ayálégbé rẹ̀: “Pe púlọ́ńbà, má ná ju 100 lọ, gba rìsíìtì.” Púlọ́ńbà dé lóru. Ó pa omi, ó pààrọ̀ páìpù rírọ̀ tó bẹ́ lábẹ́ síǹkì, omi sì dá. Owó tó máa ń gbà kó tó jáde nílé lóru jẹ́ 40, páìpù àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 30. Àpapọ̀ rẹ̀ 70. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àmọ́ bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó rí i pé fáàfù kékeré tó wà lábẹ́ síǹkì ò pa délẹ̀ mọ́, àti pé páìpù irin tó gba inú ògiri wá ti dípẹtà. Ó bi ayálégbé bóyá kóun kúkú ṣe é pọ̀. Oorun ń kun ayálégbé, ló bá ní: “Ẹ ṣe ohun tó bá yẹ, onílé ló máa sanwó.” Wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n fi fáàfù tuntun sí i. 190 nìyẹn. Láàárọ̀, ìwé owó 260 dé ọwọ́ onílé. Ó fi 100 ránṣẹ́, ó ní ohun tóun fọwọ́ sí nìyẹn. Púlọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ayálégbé lẹ́nu, ayálégbé san 160 tó kù látinú àpò rẹ̀, ó sì yọ ọ́ nínú rẹ́ǹtì oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá pè mí. Mo ka ímeèlì náà, mo sì sọ fún onílé pé kó gbà á bẹ́ẹ̀, kó má lọ fi owó lọ́yà kún 260.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé púlọ́ńbà náà ò jalè. Iṣẹ́ tó ṣe dáa, páìpù inú ògiri yẹn ì bá sì bẹ́ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ nígbà tí owó wà ní 70, pàjáwìrì ti tán. Omi ti dá, síǹkì ti ṣeé lò. Fáàfù àti ògiri lè dúró di ọjọ́ kejì, kí onílé rí fọ́tò, kó gba iye owó lẹ́nu ẹni méjì, kó sì ṣe é lọ́sàn-án láìsan owó ìjáde òru. Ímeèlì onílà kan yẹn ò sọ ibi tí pàjáwìrì parí sí, kò sì dé ọwọ́ ẹni tó ń gba owó. Nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ní káwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kọ ọ́ rèé. Ẹ ṣe é bá ilé tiyín mu:

“Àkọlé: Àṣẹ iṣẹ́ púlọ́ńbà pàjáwìrì, (àdírẹ́sì ilé), (déètì).

Sí (orúkọ ayálégbé) àti (orúkọ púlọ́ńbà).

Mo fọwọ́ sí i pé kí púlọ́ńbà wọlé lónìí, kó dá omi tó ń jò lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná dúró, kó sì pààrọ̀ ohun tó bẹ́ níbẹ̀ nìkan. Gbogbo owó tí mo fọwọ́ sí fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ò ju 100 lọ. Owó ìjáde, owó iṣẹ́, owó ohun èlò àti owó orí wà nínú rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa omi láti fáàfù àgbà, ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì pè mí sórí (nọ́ńbà). Ayálégbé ò láṣẹ láti fi kún owó yìí. Èmi nìkan ló lè fi kún un, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe é tán. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ bá yọ sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ kọ ìwé owó sí orúkọ mi, kẹ́ ẹ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ sí owó ohun èlò. Èmi fúnra mi ni màá san án fún púlọ́ńbà, màá sì gba rìsíìtì tí owó bá ti wọlé. Àṣẹ yìí parí ní aago 12 ọ̀sán ọ̀la. Púlọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé ‘mo gbà bẹ́ẹ̀’ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ máa sọ pé púlọ́ńbà ò ní jókòó ka ímeèlì láago méjì òru. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ò ní kà á. Ẹ fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, tàbí kí ayálégbé nawọ́ fóònù sí i kó kà á, kó sì tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn padà. Kódà tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ fi ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e kíákíá pé, “Bá a ṣe jọ sọ lórí fóònù, 100 ni gbogbo ẹ̀.” Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó gbọ́ kó tó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Tó bá gbọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà “fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí” kì í ṣe àfikún lásán. Mo ti rí ìwé owó méjì tó ní déètì kan náà, ọ̀kan 90, èkejì 80, tí wọ́n pín iṣẹ́ kan ṣoṣo sí méjì kó lè gba abẹ́ gbèdéke 100 kọjá. Tẹ́ ẹ bá sì kọ “ohun èlò àti iṣẹ́” láìmẹ́nu kan owó ìjáde, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí owó ìjáde bá dá dúró sísàlẹ̀ ìwé.

Gbèdéke tó kéré jù náà burú. Tí púlọ́ńbà àdúgbò yín bá ń gba 40 kó tó jáde lóru, tẹ́ ẹ wá fi gbèdéke sí 35, kò sẹ́ni tó máa wá, àjà ilé ìsàlẹ̀ á sì mumi yó di àárọ̀. Ẹ pe púlọ́ńbà kan lọ́sàn-án, ẹ béèrè owó ìjáde òru rẹ̀, owó wákàtí àkọ́kọ́, àti iye tí páìpù rírọ̀ tàbí fáàfù kan ń náni. Ẹ ro ó pọ̀, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e. Ẹ má kàn fojú wọ̀n ọ́n.

Ní ti rìsíìtì, ọ̀pọ̀ ń da ohun méjì pọ̀. Ìwé owó ń sọ iye tí púlọ́ńbà ń béèrè, rìsíìtì ló ń sọ pé ó ti gbà á. Ìwé owó nìkan ò fi hàn pé ẹnikẹ́ni sanwó. Rìsíìtì tó bá ní “iṣẹ́ omi, 100” nìkan ò wúlò púpọ̀ fún yín: orúkọ àti nọ́ńbà púlọ́ńbà, déètì, àdírẹ́sì ilé, ohun tó ṣe, ohun tó fi síbẹ̀, iye tó gbà àti ọ̀nà tó gbà á ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Tí kò bá ní ìwé rìsíìtì, kó fi ọwọ́ kọ ọ́, kó buwọ́ lù ú, kí ayálégbé yà á ní fọ́tò. Páìpù tó bẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Tẹ́ ẹ bá ní ìbánigbófò, wọ́n lè béèrè ohun tó fa jíjò omi náà, páìpù yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹ má sì fi àìsí rìsíìtì fìyà jẹ ayálégbé tó fi owó ara rẹ̀ gba ilé yín sílẹ̀. Tí fọ́tò bá wà, tí ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ láti báńkì bá wà, ẹ san án padà, kẹ́ ẹ máa wá ìwé tó kù lọ́dọ̀ púlọ́ńbà.

Mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Òfin ilé yíyá yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, àwọn ibì kan sì wà tí òfin ti sọ pé onílé ló ni àtúnṣe páìpù, iye yòówù tó kọ sínú ímeèlì. Gbèdéke ń sọ ẹni tó láṣẹ láti náwó lóru yẹn ni, kò sọ àtúnṣe ilé yín di gbèsè ayálégbé. Ẹ wo ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí, tí owó tó wà nídìí ẹ̀ bá sì pọ̀, ẹ fi han lọ́yà tó mọ òfin ibẹ̀.

Ẹ kọ ohun kan sí i lónìí tí omi ò tíì jò: ẹ ní kí ayálégbé lọ wá fáàfù àgbà ilé náà, kó gbìyànjú láti pa á kó sì ṣí i, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Tó bá ti le koko tí kò yí mọ́, iṣẹ́ púlọ́ńbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa san owó rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án gangan.