Owó tí a ná sórí áàpù tuntun: ìgbà wo ló ń di dúkìá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ wa l'Ékòó ń ṣe áàpù tí àwọn oníṣòwò yóò máa fi ṣírò ọjà wọn. Mílíọ̀nù 18 náírà la ná sí i lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá wa ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sí dúkìá kí àdánù má baà hàn nínú ìwé wa. Ṣé ó bófin mu?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ìlànà ìṣirò tí ẹ ń tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ IFRS ti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni, ọ̀rọ̀ ti parí: abala 18 rẹ̀ ní ìnáwó ọdún ni gbogbo owó ìwádìí àti ti ìgbékalẹ̀, ìyẹn ti ṣíṣe nǹkan náà gan-an. IFRS kíkún ló fàyè díẹ̀ sílẹ̀, nínú IAS 38, ìlànà rẹ̀ lórí dúkìá tí a kò lè fọwọ́ kàn. N ó gbà pé òun lẹ ń lò.

Níbẹ̀, ìnáwó ni owó ìwádìí láìku kọ́bọ̀, nítorí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ohunkóhun yóò tibẹ̀ jáde. Owó ìgbékalẹ̀ lè di dúkìá, àmọ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti lè fi ẹ̀rí ohun mẹ́fà hàn pa pọ̀ ni: pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe parí, pé ẹ fẹ́ parí rẹ̀, pé ẹ lè lò ó tàbí tà á, pé èrè yóò wá nínú rẹ̀, pé owó àti òṣìṣẹ́ tí yóò parí rẹ̀ wà, àti pé ẹ lè ṣírò iye tó ń gbà. Bí ọ̀kan péré bá ṣì kù, ìnáwó ṣì ni.

Ká ní báyìí lẹ ṣe ná tiyín. Láti oṣù kìíní sí ìkẹrin, mílíọ̀nù 4 bá wíwo ọjà àti fífi ìmọ̀ ẹ̀rọ wé ara wọn lọ. Ìwádìí nìyẹn. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, ẹ fi mílíọ̀nù 6 kọ àwòṣe, ṣùgbọ́n ìparí oṣù kẹjọ ló tó yege nínú ìdánwò, tí ìgbìmọ̀ olùdarí sì fọwọ́ sí owó tí yóò parí rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tó ti yege, ká padà lọ kó mílíọ̀nù 6 náà wọ dúkìá. IAS 38 kọ̀ ọ́ pátápátá: owó tó ti di ìnáwó kì í padà di dúkìá.

Mílíọ̀nù 8 ló kù, láti oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí ọdún. Ẹ yọ mílíọ̀nù 1 tí ẹ fi kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe lo áàpù náà àti ìdajì mílíọ̀nù owó ìpolówó. Méjèèjì ò lè wọ dúkìá láé. Dúkìá yín jẹ́ mílíọ̀nù 6.5, mílíọ̀nù 11.5 sì jẹ́ ìnáwó.

Ohun tí olùyẹ̀wé-owó yóò kọ́kọ́ bèèrè ni ọjọ́ tí ohun mẹ́fà náà pé. Ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀, èsì ìdánwò, àti àkọsílẹ̀ wákàtí tí àwọn tó ń kọ áàpù náà fi ṣiṣẹ́ lóṣooṣù lẹ ó fi dáhùn. Tí àkọsílẹ̀ wákàtí yẹn ò bá sí, ó ṣòro kí ẹ tó lè fi owó oṣù wọn sínú dúkìá rárá.