Kírẹ́díìtì nóòtì inú fọ́tò: kí gbèsè tó kù lè bá sitétímẹ́ǹtì mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ya fọ́tò kírẹ́díìtì nóòtì tí olùpèsè ọjà wa bá fún wa, sọ́fítíwíà á sì yọ iye owó inú rẹ̀ jáde. Mo ń so wọ́n mọ́ ínfọ́ìsì wọn, síbẹ̀ gbèsè tó kù kì í bá sitétímẹ́ǹtì olùpèsè mu. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Kíkọ kírẹ́díìtì nóòtì sínú àkáǹtì olùpèsè nìkan ló ń dín gbèsè kù. Síso rẹ̀ mọ́ ínfọ́ìsì kàn ń fi ibi tí ìdínkù náà bọ́ sí hàn ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ tán, tó tún lọ dín iye orí ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀ kù, ti yọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní ínfọ́ìsì méjì ló wà nílẹ̀ tí ẹ ò tíì san: A jẹ́ 4,400, B jẹ́ 2,200. Gbèsè yín jẹ́ 6,600. Ẹ wá dá ẹrù díẹ̀ padà lára A, wọ́n sì fún yín ní kírẹ́díìtì nóòtì: 500 fún ẹrù, 50 fún owó orí, àpapọ̀ 550. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, gbèsè á di 6,050. Bí ẹ bá so ó mọ́ A, 3,850 ló máa kù lórí A, B ò ní yí padà. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 6,050 náà ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó tán, bí àròpọ̀ ohun tó kù lórí àwọn ínfọ́ìsì kò bá dọ́gba pẹ̀lú gbèsè inú àkáǹtì, ibi síso ni àṣìṣe wà.

Ohun tó máa ń sọnù jù nínú fọ́tò ni pé ìyọkúrò ni owó náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, 550 lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ láìsí àmì ìyọkúrò, sọ́fítíwíà á sì kà á sí ínfọ́ìsì tuntun. Gbèsè á wá di 7,150. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí sitétímẹ́ǹtì á jẹ́ 1,100, ìlọ́po méjì 550 gan-an, òun sì ni ẹ fi máa dá àṣìṣe yìí mọ̀. Bí tiyín bá fi 50 péré ju tiwọn lọ, iye tí kò ní owó orí ni ẹ mú. Bó bá fi 550 jù, ẹ ò tíì kọ ọ́ rárá. Bó bá fi 550 dín, ó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá bébà ni ẹ kọ́kọ́ yà, tí ẹ tún gba ẹ̀dà rẹ̀ lórí ímeèlì. Nọ́ńbà kírẹ́díìtì nóòtì pẹ̀lú orúkọ olùpèsè ni kí ẹ fi máa dá a dúró, kì í ṣe orúkọ fọ́tò.

Ẹ tún fi ojú ara yín wo nọ́ńbà méjì tó wà lórí rẹ̀, ti kírẹ́díìtì nóòtì àti ti ínfọ́ìsì tó ni ín, torí sọ́fítíwíà máa ń gbé ọ̀kan sípò èkejì.

Bí ẹ bá ti san A tán kí kírẹ́díìtì nóòtì tó dé, ẹ má ṣe fipá so ó mọ́ A. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbèsè di 1,650, kí 550 náà sì wà láìsomọ́ títí olùpèsè á fi gbà kí ẹ lò ó lórí B, tàbí kó dá owó náà padà.