Bí rìsíìtì méjì ṣe lè sọ iye owó ọjà kọ̀ọ̀kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi àti màmá mi la jọ ń ta aṣọ ní Balógun. Àpapọ̀ owó nìkan ni ẹni tí à ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń kọ sórí rìsíìtì. Wọ́n ti kọ́ wa ní mátíríìsì ní ilé-ìwé. Báwo ni mo ṣe lè fi ínfáàsì rẹ̀ mọ iye bọ́ńdù kan, kí sì ni iṣẹ́ dítámínáǹtì níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, rìsíìtì méjì ni kí o wá, nítorí nǹkan méjì ni o kò mọ̀: owó bọ́ńdù ańkárá kan àti owó bọ́ńdù léèsì kan. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ ańkárá 4 àti léèsì 2 ní ₦54,000, tí èkejì jẹ́ ańkárá 5 àti léèsì 3 ní ₦75,000. Pe owó ańkárá ní x, kí o pe ti léèsì ní y:

```
4x + 2y = 54000
5x + 3y = 75000
```

Kó àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú x àti y jọ bí wọ́n ṣe tò yẹn, o ti ní mátíríìsì A nìyẹn. Rìsíìtì kan, ìlà kan. Ọjà kan, òpó kan.

Má tíì lọ síbi ínfáàsì. Kọ́kọ́ lé y lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ tẹ́lẹ̀: fi 3 sọ ìlà òkè di púpọ̀, fi 2 sọ ìlà ìsàlẹ̀ di púpọ̀, kí o wá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. 6y pàdé 6y, wọ́n pa ara wọn. Ohun tó kù níwájú x ni 4 × 3 − 2 × 5, ìyẹn 2. Nọ́ńbà yìí gan-an ni dítámínáǹtì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní Yábàá ló ti há ìṣirò rẹ̀ sórí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé òun ni nọ́ńbà tí a óò fi pín kí x tó lè dá dúró.

Fún ínfáàsì, jẹ́ kí 4 àti 3 pààrọ̀ àyè. Má gbé 2 àti 5 kúrò ní àyè wọn, àmì ìyọkúrò nìkan ni kí o fi síwájú wọn. Lẹ́yìn náà, fi dítámínáǹtì pín gbogbo rẹ̀:

```
A⁻¹ = 1/2 × [  3  -2 ]
            [ -5   4 ]
```

Apá òsì àpapọ̀ owó ni kí ínfáàsì dúró sí nígbà tí o bá ń sọ wọ́n di púpọ̀:

```
x = (3×54000 - 2×75000) / 2 = 6000
y = (-5×54000 + 4×75000) / 2 = 15000
```

Ańkárá jẹ́ ₦6,000, léèsì jẹ́ ₦15,000. Dá wọn padà sínú rìsíìtì méjèèjì kí o tó gbà wọ́n gbọ́: 24,000 àti 30,000 jẹ́ 54,000, 30,000 àti 45,000 jẹ́ 75,000. Bí ọ̀kan péré bá kọ̀, àmì ìyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Wàyí o, ká ní rìsíìtì kejì jẹ́ ańkárá 6 àti léèsì 3 ní ₦81,000. Dítámínáǹtì di 4 × 3 − 2 × 6, ó já sí 0, kò sì sí ínfáàsì. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ rìsíìtì àkọ́kọ́ ni èyí, kò sọ ohun tuntun kankan fún ẹ. ₦6,000 àti ₦15,000 bá a mu, ₦7,000 àti ₦13,000 náà sì bá a mu. Bó bá wá jẹ́ ₦84,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí iye kankan tó lè bá méjèèjì mu. A jẹ́ pé owó ọjà ti yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, tàbí pé ẹnì kan ṣi owó kọ.

Ibi tó yẹ kí o ti ṣọ́ra jù ni ẹ̀dínwó. Padà sí rìsíìtì ańkárá 5 àti léèsì 3, kí o gbà pé oníṣòwò yọ ₦1,000 fún màmá ẹ, tó wá kọ ₦74,000. Ìṣirò kan náà yóò gbé ₦7,000 àti ₦13,000 jáde: ₦1,000 péré ti sọ owó léèsì di èké pẹ̀lú ₦2,000. Ìdí ni pé 4 àti 2 fẹ́ jọ 5 àti 3, dítámínáǹtì wọn sì kéré. Bó bá jẹ́ pé ańkárá 4 àti léèsì 1 wà lórí ọ̀kan, tí ańkárá 1 àti léèsì 4 wà lórí èkejì, dítámínáǹtì yóò jẹ́ 15, àṣìṣe ₦1,000 kan náà kò sì ní gbé owó kankan kúrò ní àyè rẹ̀ ju nǹkan bí ₦267 lọ. Nítorí náà, rìsíìtì tí ìwọ̀n ọjà wọn yàtọ̀ síra dáadáa ni kí o máa ṣà, kí o sì dá ẹ̀dínwó padà sórí owó kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọjà bá di mẹ́ta, rìsíìtì mẹ́ta lo nílò, ìṣirò ọwọ́ á sì gùn. Lórí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, kọ ìwọ̀n ọjà sí A1 dé C3, kọ owó sí E1 dé E3, kí o wá tẹ èyí:

```
=MMULT(MINVERSE(A1:C3),E1:E3)
```

Bó bá dá `#NUM!` padà fún ẹ, dítámínáǹtì ti di 0. Wá rìsíìtì mìíràn.