Èsì: Ẹ̀bà, ẹ̀fọ́ rírò àti ìwọ̀n ara tí ò dín

“Mo ti dín ẹ̀bà kù, ẹ̀fọ́ ni mo ń jẹ púpọ̀, síbẹ̀ mi ò fọn. Kí ló dé?”

Ẹ kú ìrọ́jú o. Epo inú ẹ̀fọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan tó nǹkan bí 120 kálórì. Tí ẹ bá fi ṣíbí mẹ́fà ro ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yin nìkan jẹ lẹ́ẹ̀mejì, 360 ti wọ inú àwo kan kí ẹ tó bu òkèlè. Àwa Ìjẹ̀ṣà sì fẹ́ràn kí epo léfòó! Tí ó bá ń ṣàn yí etí àwo ká, ó ti pọ̀ jù.

Gàárì ńkọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, torí omi ń mú ẹ̀bà tóbi láì fi kálórì kún un. 100 gíráàmù tó bíi 350 kálórì, pùrótéènì inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Àwo alẹ́ kan rèé:

1. Gàárì 60 gíráàmù: 210.
2. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tó pọ̀ dáadáa: bíi 50.
3. Epo ṣíbí kan: 120.
4. Ẹyin sísè méjì: bíi 150. Ibí ni pùrótéènì ti wá, òun ni kì í jẹ́ kí ebi tètè padà.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 530.

Ẹ̀bà nìkan ni ìṣirò gàárì yìí bá mu. Fùfú tútù ti mu omi tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó gé òkèlè kù.