Ìgbà tí òfin pípín kò ṣeé lò fún líímìtì

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi 3 rọ́pò x nínú (x² − 9)/(x − 3), 0/0 ni mo rí. Ṣé kò ní líímìtì ni?" (láti Ṣàgámù)

Ó ní in. Òfin pípín ni kò ṣeé lò níbẹ̀. Òfin náà gbà wá láàyè láti wá líímìtì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì fi ti ìsàlẹ̀ pín ti òkè, bí àwọn méjèèjì bá wà, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì jẹ́ òdo. Òdo ni x − 3 ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti máa ń kọsẹ̀. Tú òkè sí (x − 3)(x + 3). Níwọ̀n bí x ti ń sún mọ́ 3 láì jẹ́ 3, a lè fagi lé x − 3 lókè àti nísàlẹ̀, x + 3 yóò ṣẹ́ kù, òfin àròpọ̀ yóò sì fún wa ní 6. Fi 2.99 wò ó: 5.99 ni yóò jáde.

Àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ kò bìkítà fún òdo, ṣùgbọ́n líímìtì ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Bákan náà ni x² tàbí x³, nítorí pé x tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lásán ni wọ́n. Bí líímìtì ẹ̀yà kan kò bá sí, òfin náà ni kò ṣeé lò, líímìtì gbogbo rẹ̀ ṣì lè wà: 1/(x − 3) kò ní líímìtì ní 3, síbẹ̀ bí a bá fi x − 3 sọ ọ́ di púpọ̀, líímìtì rẹ̀ jẹ́ 1.